Ilé Ni Àbí Ilẹ̀? Lórí Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ara Ògiri àti Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Afẹ̀hónúhàn

Ní ìparí ọdún 2023 ni wọ́n fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ògiri ilé kan ni, ní ẹ̀yìn Mazamaza, níbi tí ojú títì ti ń yà wọ inú Festac. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba sí i lára pé: ILE YI TI WA NI. Lókè lẹ́tà náà ni àmì X pupa wà, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń kọ sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Ọkọ̀ dánfó kan dúró ti ògiri náà, ó sì bo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi tí ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ ń bá iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní òkè òkun ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ àwọn Àwórì àti ilẹ̀ wọn ni àwọn ń kọ ìròyìn lé lórí. Mo wo àwòrán náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo fèsì pé ohun tí ó wà lára ògiri náà ni: ilẹ̀ yìí, tiwa ni.

Irọ́ ni mo pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé mo ń pa á.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojúlùmọ̀ mi kan tí ó ń gbé ní Festac pè mí lórí fóònù. Ó ní màmá àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ni ògiri náà, àti pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti wá bá màmá náà, wọ́n ń bi í léèrè ẹni tí ó sọ fún un pé tirẹ̀ ni ilẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Wọ́n ti rí àwòrán náà lórí ẹ̀rọ ayélujára pẹ̀lú ìtumọ̀ tí mo ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí wàhálà ìjọba nìkan wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ó ní ẹjọ́ méjì, èmi ni mo sì fi èkejì kún un láti orí àga mi.

Mo lọ síbẹ̀. Dánfó náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì rí ìlà kejì tí ó wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́: BI LATI 1979. Bí a bá ka ìlà méjèèjì pọ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé: ilé yìí ti wà níbí láti 1979. Màmá kò sọ pé òun ni òun ni ohunkóhun. Ọjọ́ orí ilé ni ó kọ síta, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wó o lè mọ̀ pé ilé náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí a tú àṣìṣe náà palẹ̀, nítorí pé ó ní ohun tí ó lè kọ́ ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé sára ògiri kì í fi àmì ohùn sí i, kì í sì í kán ọ̀dà sísàlẹ̀ lẹ́tà. Kì í ṣe pé kò kàwé. Bí ẹ bá fún un ní bírò àti ìwé, ó lè fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ṣe là á kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ń ṣàn, ògiri kò dán, ọwọ́ sì ń yára. Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́ta tí ó jẹ́ ILE lè jẹ́ ilé tí a ń gbé inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí a kọ́ ilé náà lé. Ní àdúgbò mìíràn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè má ju ẹ̀rín lọ. Ní Amuwo-Odofin, ẹjọ́ ni. Ìlú àwọn Àwórì ni Àmúwò kí ìjọba àpapọ̀ tó gba ilẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé sí i fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni ilé wọ̀nyẹn di ti àwọn ará ìlú. Ẹni tí ó bá ní òun ni òun ni ilé níbẹ̀ ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, ó sì lè ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní òun ni òun ni ilẹ̀ ń bá ìtàn jà, ó sì ń bá gbogbo ìdílé tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó da kọnkéré jà pẹ̀lú.

Èyí ni ti ILE. Lẹ́tà TI WA NI náà ní tirẹ̀. Bí a bá pa TI àti WA pọ̀, ó di tiwa, ìyẹn ohun ìní. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ó di ti wà, ìyẹn ohun tí ó ti ń bẹ. Àlàfo àárín lẹ́tà kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé bí ọwọ́ àwa Yorùbá bá gba búrọ́ọ̀ṣì, ibi tí ó wù wá ni a máa ń gé ọ̀rọ̀ sí.

Síbẹ̀, àwòrán náà kò fi ẹ̀rí pamọ́ fún mi. Èmi ni n kò wá a. Ẹ̀rí kìíní ni NI tí ó kángun sí etí ògiri gan-an láìsí àyè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti parí kì í sáábà kọ̀wé kan etí báyẹn; ẹni tí ààyè tán mọ́ lọ́wọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì bọ́ sí ìlà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí kejì ni dánfó. Ohunkóhun tí ó bá bo apá kan nínú ìkọ̀wé, ó yẹ kí olùtumọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ lè wà lẹ́yìn rẹ̀, títí tí ẹnìkan yóò fi wò ó. Ẹ̀rí kẹta ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ara ilẹ̀ òfìfo, ara ògiri tí wọ́n fi yí ilẹ̀ ká àti ara pátákó ni àwọn tí ń du ilẹ̀ máa ń kọ̀wé sí, wọ́n a sì dárúkọ ìdílé wọn kí ẹni tí ó fẹ́ rà má bàa ní òun kò mọ̀. Lára ilé tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni tiwa yìí wà. Ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú mi. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ nípa ilẹ̀ Àwórì ni mo fi kà á, n kò fi ojú mi kà á. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ránṣẹ́ síni ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí ó sọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni; mo wá ń rí i báyìí pé àlàyé tí ó bá bá àwòrán rìn léwu ju àìsí àlàyé rárá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìpele mẹ́ta, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé mi kọjá èyíkéyìí nínú wọn. Mo kọ́kọ́ ń da lẹ́tà kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára ògiri tàbí páálí, láìfi àmì kankan sí i, láìtún àlàfo rẹ̀ ṣe, mo sì ń fi ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí hàn. Bí nǹkan bá bo ibì kan, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bò ó. Lẹ́yìn èyí ni mo ń kọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi àmì sí i kí ó sì jẹ́ gbólóhùn Yorùbá gidi. Ìgbà tí mo bá ti ṣe méjèèjì tán ni mo tó ń túmọ̀ èyí tí ẹ̀rí bá tì lẹ́yìn. Ó lè dà bí àṣejù fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìpele kejì ni ó ń gbani. Ẹni tí ó bá ti fi àmì sí ọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó mú kálàmù ti yàn láìmọ̀ pé òun yàn.

Ibi tí yíyàn náà ti le jù ni ti ò àti ó. Ẹ wo páálí tí wọ́n kọ A O GBA sí. Bí a bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí O, a ò gbà ni: a kọ̀. Bí a bá fi àmì òkè sí i, a ó gbà ni: a máa gbà. Àtakò àti àdéhùn ló wà nínú lẹ́tà márùn-ún kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé afẹ̀hónúhàn ni ó gbé e lọ́wọ́, nítorí náà kíkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wọn sáábà máa ń tọ̀nà, àmọ́ ìdí tí wọ́n fún un kò lágbára, nítorí pé àwọn tí ìjọba tàbí ọ̀gá iṣẹ́ jẹ lówó náà ń fẹ̀hónú hàn, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé àwọn yóò gba owó àwọn.

Ẹ̀rí tí ó dára ju ìyẹn lọ wà nínú bí àwọn ará Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó dàgbà sí Mazamaza, tí Yorùbá, Ìgbò, Ègùn àti Píjìn jọ wà lẹ́nu rẹ̀, kì í sábà lo ó fún ohun tí ó ń bọ̀. Máa ni ó ń lò. Bí ó bá fẹ́ sọ pé àwọn yóò gbà á, A MA GBA ni yóò kọ. Ó náà wà lẹ́nu àwọn àgbà, nínú Bíbélì àti nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí mo bá rí O ní ọwọ́ ẹni ogún ọdún, mo ń tẹ̀ sí kíkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ̀yìntì ni ó gbé e dání, mo ń dúró wò ó dáadáa. Bí NI bá sì wọ àárín, tí ó di A O NI GBA, iyèméjì ti tán, nítorí pé a kì í sọ pé a ó ní gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni A O SUN. Ẹni tí ń ṣọ́nà lè kọ ọ́: a ò sùn. Ẹni tí ó fẹ́ sun ojú títì mọ́jú lè kọ ọ́: a ó sùn. Ẹni tí ó fẹ́ dáná sun nǹkan náà sì lè rò pé òun lè kọ ọ́. Bí irú páálí yìí bá dé iwájú ọlọ́pàá, tí ògbufọ̀ kan sì yan ìkẹta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìfẹ̀hónúhàn, ó ti di ọ̀rọ̀ dídáná sunlé. Gírámà fún wa ní ààbò díẹ̀ níbí. Sùn dá dúró. Sun tí í ṣe ti iná ń bèèrè ohun tí a ó sun, ìdí sì nìyí tí a fi ń sọ pé a ó sun ún. Bí kò bá sí UN lẹ́yìn SUN, tí kò sì sí orúkọ ohunkóhun níbẹ̀, ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn pé iná ni. Mo ní díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ orúkọ ohun náà sókè, tí ó sì kọ A O SUN sábẹ́ rẹ̀, lè fi UN sílẹ̀ nítorí ààyè. Nítorí náà, kí a wo òkè kí a tó búra.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ohùn ọ̀rọ̀. Ohùn ọkàn ọ̀tọ̀ ni, àmì kankan kò sì lè fi í hàn, kódà bí wọ́n bá fi àmì sí gbogbo lẹ́tà.

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni àwọn ènìyàn jáde káàkiri Nàìjíríà láti bínú sí ọ̀wọ́n gógó. Àjọ ìṣirò ti ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ pé ní oṣù kẹfà ọdún náà, iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Ní Èkó, páàkì Gani Fawehinmi ní Ojota wà lára ibi tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ó gbilẹ̀ ní ẹnu àti ní ọwọ́ wọn ni EBI N PA WA. Ìtumọ̀ tí mo rí tí ó pọ̀ jù fún àwọn òyìnbó ni pé ebi ń ṣekú pa àwọn ènìyàn yìí. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ báyẹn rí pa, ó sì ronú ikú.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ilé-ìwé dé, tí ó ju báàgì sílẹ̀, náà ń sọ pé ebi ń pa òun. Òjò ń pa wá, òtútù ń pa wá, a kì í sì í kú. Pa inú gbólóhùn yìí kì í ṣe ti ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ikú wọ inú rẹ̀ mọ bí ó ṣe máa ń mú un wọ̀ ọ́: yóò ní ebi fẹ́ẹ̀ pa wá kú. Nítorí náà, KU ni mo kọ́kọ́ ń wá lára páálí. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé gbólóhùn tí gbogbo ilé ń sọ lójoojúmọ́ ni ẹni náà gbé jáde sí gbangba, agbára rẹ̀ sì wà nínú pé ó rọrùn. Àgbàlagbà tí ó yẹ kí ó máa bọ́ ọmọ dúró sí ojú títì, ó ń sọ ohun tí ọmọ ń sọ fún ìyá rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ó fi ikú kún un ti sọ ọ́ di igbe, ó sì ti pa ìtìjú tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Èyí tí ó wí lásán pé ebi wà nínú wọn náà kò sì tó, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí a lè sọ nídìí ilé oúnjẹ. Èmi yóò yan èyí tí ó rọrùn, n ó sì fi gbólóhùn kan ṣe àlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn kan yóò ní ẹ̀rù ń bà mí láti bínú. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbínú onítọ̀hún ni n kò fẹ́ fi tèmi rọ́pò.

SORO SOKE jẹ́ òdì kejì rẹ̀, nítorí pé òun ni ìtumọ̀ ti sọ di ọmọlúwàbí jù. Nígbà ìwọ́de End SARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yìí wà lára páálí, lára ẹ̀wù àti lára ògiri. Ìjọba kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé àwọn tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, ìwọ́de sì ń bá a lọ títí di ìgbà tí wọ́n yìnbọn ní Lekki ní ọjọ́ 20. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni sọ̀rọ̀ sókè wèrè, wọ́n sì ń kọ èyí tí ó gbẹ̀yìn bí WEREY. Ohun tí ó wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ènìyàn má bẹ̀rù láti sọ òótọ́. Ní ọdún 2022, Trish Lorenz fi Soro Soke ṣe orúkọ ìwé tí ó kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Wèrè ti já bọ́ lọ́nà.

Ohun méjì sọnù níbẹ̀. Èkíní, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ròkè tó ni à ń sọ fún pé kí ó sọ̀rọ̀ sókè, bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára. Àṣẹ ojoojúmọ́ ni, ìgboyà kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ìgboyà sí i. Èkejì ni Ẹ tí kò sí níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ní ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Bí Ẹ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: yálà ẹgbẹ́ ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kí á jọ gbóhùn sókè, tàbí ọmọdé ń bá àgbà ìjọba sọ̀rọ̀ bí ẹní ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Wèrè náà tẹ̀ lé ọ̀nà méjèèjì. Láàrin ọ̀rẹ́ ní Èkó, ẹ̀rín ni, bí ìgbà tí à ń pe ara wa ní olóríburúkú níbi ayò. Sí gómìnà, èébú ni. Àwòrán páálí nìkan kò lè sọ èyí tí ó jẹ́. Ibi tí ojú ẹni tí ó gbé e dání kọ sí lè sọ ọ́, bí olùyàwòrán bá jẹ́ kí ojú náà wà nínú àwòrán. Bí páálí náà bá kọjú sí èrò tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìpè ni. Bí ó bá kọjú sí ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba, ẹ mọ ohun tí ó jẹ́.

Ti ẹ̀fẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ rò ó wò ná: ẹnìkan gbé pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ńlá lójú títì tí ó lọ sí Badagry, ó kọ E KU ISE O IJOBA sí i. Ẹ kú iṣẹ́ ni, ẹ̀gàn sì ni, nítorí pé kòtò ni iṣẹ́ tí à ń kí. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ohùn I sísàlẹ̀, ẹ kú ìṣẹ́ ni, à ń kí ara wa kú òṣì. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ní méjèèjì lọ́kàn. Àìsí àmì gan-an ni ó jẹ́ kí ó lè sọ méjèèjì pọ̀. Irú èyí ni kò yẹ kí a yan ọ̀kan. Kí a sọ fún òǹkàwé pé méjì ni, kí a sì jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín bí ó bá lè rín in.

Kí n sọ ti ibi àti ìgbà ní ṣókí. Àwòrán máa ń rìn, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì máa ń yí padà bí ó ti ń rìn. Bí wọ́n bá ní ìwọ́de 2020 ni àwòrán kan láti agbègbè Mile 2, tí reluwé aláwọ̀ búlúù tí ó kún fún èrò sì ń kọjá lẹ́yìn àwọn afẹ̀hónúhàn, irọ́ ni, nítorí pé ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọdún tí páálí jáde ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. SORO SOKE ti 2020 ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jáde ní 2024, ó ń rántí àwọn tí ó jáde ní 2020.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn olóòtú kò pọ̀. Kí wọ́n máa tẹ lẹ́tà ara ògiri bí ó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè bá wa jiyàn. Kí wọ́n fi àwòrán tí a kò gé létí ránṣẹ́ sí olùtumọ̀, kódà bí wọn yóò bá gé e kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí olùtumọ̀ bá sì ní ọ̀nà méjì ni òun rí, kí wọ́n má bi í pé èwo ló wù ú. Wọ́n sọ fún mi rí pé òǹkàwé kò fẹ́ iyèméjì. Màmá ní Festac náà kò fẹ́ ẹ.

Iléeṣẹ́ náà tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà ṣe lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí àwọn ènìyàn ti dà kọ sórí fóònù wọn ṣì wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Mo bá ojúlùmọ̀ mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, mo sì ka ìlà méjèèjì sí wọn létí níwájú ògiri náà. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn wò ó títí, ó ní bí ó bá jẹ́ pé láti 1979 ni, bàbá òun mọ ilé yìí. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, X pupa ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n màmá ti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ó ti wà lórí ìlà kan ṣoṣo báyìí, àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀. Wọ́n sì fi ọ̀dà kán àmì méjì sórí E tí ó wà nínú ILE, èkíní ga, èkejì gùn bọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo bi í pé kí ni èkejì wà fún. Ó ní ọ̀dà ló ṣàn.